Bí A Ṣe Ń Bẹ Ọ̀gá Tó Bójú Tó Pirójẹ́ẹ̀tì Wa Pé Kó Kọ Lẹ́tà Ìjẹ́rìí, Tí Kò Fi Ní í Nira fún Un

Olùkọ́ tó bójú tó pirójẹ́ẹ̀tì yín ní fásitì kì í sábà sọ pé òun ò ní í jẹ́rìí yín. Á gbà, inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹ rántí òun. Ẹ̀yìn tó bá ti gbà tán ni iṣẹ́ wà. Ó ku kó wá nọ́ḿbà mátíríìkì yín, kó rántí ohun tí ẹ ṣe lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, kó mọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ kọ́, kó sì mọ ọ̀nà tí lẹ́tà náà máa gbà dé ibi tó ń lọ. Ó ní ìwé ìdánwò tó ń máàkì, ó ní ìpàdé, ó sì ní àwọn ọmọ tuntun tí pirójẹ́ẹ̀tì tiwọn ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí kò bá tètè rí, yóò fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi sílẹ̀ di ọ̀la báyìí ló ń pẹ́ dé, tàbí kó kúrú bí ìwé ẹ̀rí ìwà ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì: ọmọ yìí kàwé lọ́dọ̀ wa, ó yege, ìwà rẹ̀ dáa. Kò sí nǹkan kan tí ilé ẹ̀kọ́ lè dì mú nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e dópin. Ká ní obìnrin kan, ká pè é ní Lágbájá, kàwé jáde ní 2021 ní Fásitì Ládòkè Akíntọ́lá, ìyẹn LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ló kọ́, pirójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dá lórí èlùbọ́ iṣu. Ó ti wà l'Ékòó báyìí, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ lọ ṣe másítàsì ní fásitì kan ní Amẹ́ríkà, lórí bí wọ́n ṣe ń gbẹ oúnjẹ kó má bàa bàjẹ́. Wọ́n ní kó mú ẹni mẹ́ta tó máa jẹ́rìí rẹ̀ wá. Gbèdéke ni 15 Oṣù Kìíní, aago 11:59 alẹ́. Súpáfáísọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló fẹ́ kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn látorí gbèdéke

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí aago tó wà lórí fọ́ọ̀mù ti wá. Tí wọ́n bá kọ EST sí i, aago ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà òtútù ni. Wákàtí mẹ́fà la fi ṣáájú wọn, nítorí náà 11:59 alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ wọn ti di 5:59 ìdájí ọjọ́ kẹrìndínlógún lọ́dọ̀ wa. Nígbà òtútù kan náà, àwa la fi wákàtí kan ṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa àti Jámánì sì dọ́gba. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe ìṣirò yìí, kí ọ̀gá yín rí i ní aago Nàìjíríà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kéré jù tó yẹ kí ẹ fún un. Bí Kérésì bá bọ́ sí àárín, ẹ má ka láti 20 Oṣù Kejìlá títí di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Oṣù Kìíní mọ́ ọn, torí àwọn olùkọ́ á ti lọ sílùú wọn, ọ́fíìsì á sì ti wà ní títì. Ìdí nìyẹn tí Lágbájá fi máa béèrè ní 1 Oṣù Kejìlá. Ó máa sọ gbèdéke gidi fún ọ̀gá rẹ̀, kò ní í parọ́ ọjọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fi ránṣẹ́ ní 8 Oṣù Kìíní. Ọ̀sẹ̀ kan tó wà láàárín yẹn wà fún líǹkì tí kò ṣí, iná tó lọ, àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dákú.

Ní àkókò yìí kan náà, ẹ wádìí bóyá ọ̀gá náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé ẹ̀ka yín lè sọ fún yín. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè jẹ́rìí yín dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó má lẹ́tọ̀ọ́ sí bébà tí orúkọ ẹ̀ka wà lókè rẹ̀ mọ́, kí ímeèlì iléèwé rẹ̀ náà sì ti dẹ́kun iṣẹ́. Ẹ ní láti mọ èyí kí ẹ tó béèrè, torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè máa ń fura sí lẹ́tà tó bá ti orí Gmail wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ímeèlì ibi iṣẹ́ nìkan làwọn ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú ewé kan tó gbé gbogbo rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ kọ ojú ewé kan ṣoṣo, kó má kọjá bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá yín á lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó máa wò bó ṣe ń kọ lẹ́tà.

Orúkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ẹ jẹ́ nígbà tí ẹ wà níléèwé ni ọ̀gá mọ̀, orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù sì lè jẹ́ ti ọkọ. Tí lẹ́tà bá dé pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá nígbà tí fọ́ọ̀mù ń pe orúkọ mìíràn, ó lè má bá ìwé yín pàdé rárá. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí èyí tí ẹ fẹ́ kó wà nínú lẹ́tà, kó bá ti ìwé ìrìnnà yín mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ fi fọ́tò kékeré kan sí igun ojú ewé náà. Olùkọ́ tó ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ kì í rántí orúkọ, ojú ló máa ń rántí, irú ojú tí ẹ sì ní nígbà yẹn ló mọ̀, nítorí náà fọ́tò ayé iléèwé sàn ju ti àná lọ.

Lábẹ́ rẹ̀ ni nọ́ḿbà mátíríìkì, ọdún tí ẹ wọlé, ọdún tí ẹ jáde àti máàkì àṣekágbá yín. Ti Lágbájá jẹ́ 4.21 nínú 5, ìyẹn ìpele kejì ti òkè. Ẹ kọ kóòsì tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ́ yín àti ohun tí ẹ gbà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Síì ni ẹ gbà nínú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa rí i nínú ìwé máàkì yín lọ́nàkọnà, ó sì sàn kó mọ̀ ọ́n kó lè sọ bí ẹ ṣe gbèrú sí i ju kó ṣèèṣì yìn yín lórí ibi tí ẹ ti kọsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ lójú ewé yìí: nǹkan mẹ́ta tí ọ̀gá yín fojú ara rẹ̀ rí yín tí ẹ ṣe. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Wọ́n á kọ pé, "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo sì máa ń bá èèyàn ṣe dáadáa." Ọ̀gá kò lè fi ìyẹn kọ nǹkan kan, àfi kó dà á kọ bó ṣe wà. Ẹ wo bí Lágbájá ṣe kọ tirẹ̀:

"Orí bí ooru omi tí a fi ń bọ iṣu ṣe ń yí àwọ̀ èlùbọ́ padà ni pirójẹ́ẹ̀tì mi dá lé. Ìwọ̀n ooru mẹ́ta la lò: 50, 60 àti 70. Nígbà tí ti 60 wà nínú ẹ̀rọ agbẹ́ǹkan, iná lọ fún wákàtí mẹ́rìnlá. Ẹ bi mí léèrè bóyá mo lè lo iṣu náà, mo ní rárá, torí omi tó kù nínú rẹ̀ kò lè bá ti àwọn yòókù dọ́gba mọ́. Mo ra iṣu mìíràn, mo tún ìpele yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú orí kẹta pé a tún un ṣe."

Ọ̀gá tó bá ka èyí á rántí ọjọ́ náà. Á lè kọ lórúkọ ara rẹ̀ pé ọmọ yìí mọ ìdí tí ìwọ̀n kan fi dára tàbí bàjẹ́, pé kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́. Àwọn tó ń ka lẹ́tà ìjẹ́rìí ń wá irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, wọn ò sì lè rí i nínú ìwé máàkì. Nǹkan kejì tí Lágbájá kọ ni pé òun ló kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta ní bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀. Ìkẹta ni pé ó gbé orí kẹrin wá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, ó sì kọ ohun tí ọ̀gá ní kó yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta yìí lè dà bí ohun ìtìjú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fi hàn pé ó máa ń gba àtúnṣe, fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìwádìí, ohun ńlá nìyẹn.

Ohun tí ọ̀gá kò bá fojú rí, ẹ má fi sínú mẹ́ta yìí. Ohun tí Lágbájá ń ṣe nílé iṣẹ́ bisikíìtì kì í ṣe ohun tí súpáfáísọ̀ rẹ̀ lè jẹ́rìí sí. Ọ̀gá ibẹ̀ ló máa sọ ìyẹn. Ìlà kan ti tó fún un níhìn-ín, kí ọ̀gá ṣáà mọ ibi tó wà báyìí.

Ìsàlẹ̀ ojú ewé ni ti ilé ẹ̀kọ́ tuntun: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ ẹ̀kọ́ náà, ìdí tí ẹ fi yàn án ní gbólóhùn méjì, àti àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ̀gá bí ẹ bá rí wọn lórí ìkànnì wọn. Ẹ kọ bí lẹ́tà ṣe máa lọ. Ṣé líǹkì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i, àbí òun ló máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì kan? Ṣé ó gbọ́dọ̀ wà lórí bébà ẹ̀ka, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọwọ́ ìbuwọ́lù? Ojú ewé mélòó? Ta ni kó kọ ọ́ sí?

Ẹ fi ojú ewé yìí, ìwé máàkì, sífíì àti ohun tí ẹ kọ nípa ara yín fún ilé ẹ̀kọ́ náà pa pọ̀ bíi PDF. Mẹ́rin náà ti tó. Ẹ má fi fọ́tò ìwé tí ẹ yà lórí tábìlì ránṣẹ́, torí kì í ṣeé kà lórí fóònù. Ẹ sọ fáìlì lórúkọ tí ọ̀gá á lè rí lóṣù kan sí i, bí àpẹẹrẹ:

```
Lagbaja_OjuEwe_LetaIjerii_8Jan.pdf
```

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè kí ẹ tó fi orúkọ rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù

Ní kété tí ẹ bá tẹ ímeèlì ọ̀gá sínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí ẹ sì fi ránṣẹ́, ìkànnì náà á kọ̀wé sí i fúnra rẹ̀. Tí kò bá tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín, ìwé tó dé bá a lójijì láti ibi tí kò mọ̀ ni, ó sì lè rò pé àwọn oníjìbìtì ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó burú kéèyàn máa fi orúkọ àgbà ṣe ẹlẹ́rìí láìtọrọ.

Bí ẹ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́, ẹ lọ bá a ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ojú ewé yín tí ẹ ti tẹ̀ jáde. Ẹ má rán ẹ̀gbọ́n tàbí òbí lọ. Bí ẹ bá wà lọ́nà jíjìn, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ní àárín aago 9 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ ló dára, yàtọ̀ sí ọ̀sán Jímọ̀ tó bá jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ kọ "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan, kí ẹ sì máa dúró dè é kó dáhùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ìyọlẹ́nu ni. Ti Lágbájá rèé:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Lágbájá ni mí, ọmọ pirójẹ́ẹ̀tì yín ní 2021, èmi tí mo ṣiṣẹ́ lórí àwọ̀ èlùbọ́, tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́. Mo fẹ́ lọ ṣe másítàsì lórí gbígbẹ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí n mú ẹni tó mọ bí mo ṣe ń ṣe ìwádìí wá. Ẹ̀yin lẹ rí i jù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bẹ̀ yín.

Lẹ́tà ojú ewé kan ni, lórí bébà ẹ̀ka, wọ́n máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì iléèwé yín. Gbèdéke wọn ni aago 5:59 ìdájí 16 Oṣù Kìíní ní aago wa. Tó bá ṣeé ṣe ní 8 Oṣù Kìíní, màá dúpẹ́ gan-an. Mo ti kó gbogbo ohun tí ẹ máa nílò sójú ewé kan, mo fi í mọ́ èyí.

Sà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Bí kò bá rọgbọ lásìkò yìí, tàbí tí ẹ bá rò pé ẹlòmíràn ló máa lè sọ̀rọ̀ mi dáadáa jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, kò ní í dùn mí rárá. Ṣé mo lè mọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì? Ẹ ṣeun sà."

Ẹ wo ibi tí ó ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀gá láti jáde. Ó fi í síbẹ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́tà tí ẹni tí kò fẹ́ kọ̀ bá fi ìtìjú kọ máa ń tutù, lẹ́tà tó tutù sì ń ṣàkóbá ju kí ẹni náà kọ̀ lọ. Ẹ tún wo pé ó béèrè ìdáhùn ní ọjọ́ kan pàtó, kó lè ráyè bá ẹlòmíràn bí ó bá di dandan. Kò fi owó tàbí ẹrù ránṣẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí ẹ bá fún un kó tó kọ̀wé ń sọ ìjẹ́rìí di ọjà, ó sì ń kó ìtìjú bá olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbọ́ ìdáhùn náà dáadáa

Àwa Yorùbá kì í sábà fi ẹnu kọ̀ fún ọmọ tó wá bẹ̀ wá. "Ó dáa, a ó máa wò ó" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. "Kò burú, ẹ rán mi létí" náà kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó gbà á máa ń béèrè nǹkan: ímeèlì wo ni wọ́n máa lò? Ṣé o ti gba ìwé máàkì rẹ? Bí ìdáhùn kò bá ní ìbéèrè kankan nínú, ẹ pè é lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí ẹ sì bi í ní ohun kan tó dájú: "Sà, ṣé ímeèlì iléèwé yín ni kí n fi sórí fọ́ọ̀mù?" Tó bá fi ímeèlì ránṣẹ́, ó ti gbà. Tó bá tún ní kí ẹ ṣì mú sùúrù, ẹ dúpẹ́, kí ẹ lọ bá ẹni kejì lọ́jọ́ náà.

Ìdáhùn kan wà tó wọ́pọ̀: "Kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i." Ẹ má tètè gbà á. Ẹ sọ fún un pé gbogbo kókó ọ̀rọ̀ ti wà lójú ewé yẹn, àti pé wọ́n máa ń mọ̀ tí lẹ́tà bá ń dún bí ohun tí ẹni tó fẹ́ wọlé kọ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni: ẹni kan ló ń ka lẹ́tà mẹ́ta yín pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ kọ nípa ara yín, gbólóhùn kan náà ní ibi méjì sì ti tó láti tú àṣírí. Bó bá ṣì takú, ohun tí ẹ lè bá a kọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀: ọdún, orí ọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lófìfo níbi ìdájọ́, pé ọmọ yìí dára tó báyìí láàárín àwọn tí mo ti kọ́, kí òun fúnra rẹ̀ kún un. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wò bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà sọ pé ẹni tó ń jẹ́rìí nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ ìlà kankan. Kí ẹ sì má ṣe ṣí ímeèlì lórúkọ ọ̀gá yín láéláé, kódà bó bá ní kí ẹ ṣe é. Ayédèrú ni, wọ́n sì lè torí ẹ̀ gba àyè tí wọ́n ti fún yín padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: líǹkì, ìránnilétí, ìdúpẹ́

Bó bá ti gbà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà. Àwọn fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà máa ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí òfin wọn ti 1974 fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ka lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí ni `waive`. Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀, torí lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kà ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ jù.

Láàárín wákàtí kan, ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ̀gá: "Sà, líǹkì ti jáde. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo inú `Spam`." Ẹ ka àdírẹ́sì tí ìwé náà á ti wá fún un, kó lè fi í wá a. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yẹ ímeèlì tí ẹ tẹ̀ wò lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ tó tẹ ibi tí wọ́n ti ń tún un fi ránṣẹ́. Àmì tó sọnù tàbí `.edu` tí ẹ kọ sí ipò `.edu.ng` ló sábà ń fà á.

Ìránnilétí méjì péré ni Lágbájá ṣe. Àkọ́kọ́ jẹ́ 4 Oṣù Kìíní, lẹ́yìn ìkíni ọdún tuntun, ó sì tún fi ojú ewé yẹn mọ́ ọn kí ọ̀gá má bàa máa wá a kiri. Ìkejì jẹ́ ìpè ní àárọ̀ 11 Oṣù Kìíní, torí ọjọ́ kẹjọ ti kọjá tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì tíì fi hàn pé lẹ́tà dé. Kò bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Sà, ṣé ohun kan wà tí mo tún lè bá yín wá?" Ọ̀gá ní líǹkì ò ṣí lórí fóònù òun. Lágbájá ní kó gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, lẹ́tà sì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ká ní títí di 13 Oṣù Kìíní kò tíì wọlé, ó yẹ kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìgbani-síléèwé ní Amẹ́ríkà láti béèrè bóyá wọ́n ń gba lẹ́tà tó bá fi ọjọ́ díẹ̀ pẹ́. Ibi púpọ̀ máa ń gbà á, níwọ̀n ìgbà tí fọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ bá ti wọlé ṣáájú gbèdéke.

Ní ọjọ́ tí lẹ́tà wọlé, ẹ pè é kí ẹ dúpẹ́. Ẹ tún pè é nígbà tí èsì bá jáde, ì báà jẹ́ pé wọ́n gbà yín tàbí wọn ò gbà yín. Ẹ tọ́jú ojú ewé yẹn sí ibi tí ẹ ti lè rí i, torí tí ẹ bá tún padà wá fún ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ máa yí padà, lẹ́tà ọ̀gá náà á sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.